Ìwé owó mẹ́ta, fẹ́ǹsì kan

"Ẹ jọ̀ọ́ o, agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ló kọ ìwé owó fẹ́ǹsì fún mi ní Ṣómólú. Ohun tí ẹnì kan kọ, èkejì ò kọ ọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tó wọ́n jù?"

Ọ̀gá mi, ẹ má tíì wo owó tó wà nísàlẹ̀ ìwé. Òun ni mo wò lọ́dún 2022 nígbà tí mo fẹ́ mọ fẹ́ǹsì sílẹ̀ mi ní Bàrígà, ojú mi sì rí màbo. Ẹni àkọ́kọ́ kọ 1,560,000 náírà, ẹnì kejì kọ 1,120,000. Ẹnì kẹta kàn kọ "fẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀", ó fi 1,300,000 sí i. Ìyẹn ò tiẹ̀ ní ibi téèyàn ti lè bi í ní ìbéèrè. Mo mú ẹnì kejì. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ dé orúnkún kó tó wá sọ pé, "Bàbá, owó fandéṣọ̀n ò sí nínú èyí tí mo kọ o." Mo yọ bébà wò. Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó jókòó ṣírò ẹ̀. Fẹ́ǹsì náà gùn tó mítà 54. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 kan, pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó dè é mọ́ èkejì, gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 47 àtààbọ̀, ìyẹn ni pé ìlà kan máa jẹ búlọ́ọ̀kù 114. Ìlà 8 tó yọ sókè jẹ́ 912, ìlà 3 tó wọlẹ̀ jẹ́ 342. Ó di 1,254, ká má tíì ka èyí tó máa fọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kọ 1,350 sínú tiẹ̀, ẹnì kejì kọ 950. Ẹni tó kọ 950 yẹn ò purọ́ o, òkè nìkan ló kà. Nínú ìwé ẹni àkọ́kọ́, fandéṣọ̀n àti pílà, tí ẹnì kejì ò kọ, jẹ́ 480,000. Ẹ rò ó mọ́ owó ẹnì kejì, ó di 1,600,000. Èyí tí mo rò pé owó ẹ̀ kéré ló wá wọ́n jù.

Nígbà tí mo tún ilé ìyá mi ṣe ní Mushin, èmi fúnra mi ni mo kọ iṣẹ́ sílẹ̀: ilẹ̀ gbígbẹ́, kọnkéré, búlọ́ọ̀kù inú ilẹ̀ lọ́tọ̀, tòkè lọ́tọ̀, pílà, rírẹ́ ara ògiri, omi, kíkó yẹ̀pẹ̀ dànù. Mo fi àyè owó sílẹ̀ lófìfo, mo fún agbaṣẹ́ṣe mẹ́ta ní ẹ̀dà kan náà. Ohun tẹ́nì kan ò bá ní í ṣe, kó kọ "kò sí nínú owó mi" síwájú ẹ̀. Níbi tí ìyẹn bá wà, mo máa ń mú èyí tó ga jù nínú owó àwọn méjì yòókù, mo máa rò ó mọ́ tiẹ̀ kí n tó fi wọ́n wéra.

Ẹ tún ṣọ́ iyanrìn. Ẹnì kan kọ típà 1, ẹnì kan kọ 4. Mo ti fẹ́ máa pe ẹni tó kọ 4 lólè, àfìgbà tí mo bi wọ́n ní tọ́ọ̀nù: típà ẹni tó kọ 1 jẹ́ tọ́ọ̀nù 20, ti ẹni tó kọ 4 jẹ́ 5.