Ọṣẹ Ìfọṣọ Ló Ń Ru Ẹrù Ọṣẹ Òtẹ́ẹ̀lì

*Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ ọṣẹ kékeré la ní. A ń ṣe ọṣẹ ìfọṣọ, a sì ń ṣe ọṣẹ kéékèèké tó ní orúkọ lára fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ní ọṣẹ ìfọṣọ wa wọ́n ju ti ẹlòmíì lọ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ń ra tiwọn dáadáa, síbẹ̀ a kì í rí èrè lópin oṣù. Wákàtí òṣìṣẹ́ ni akáúńtáǹtì wa fi ń pín gbogbo ófáhẹ́ẹ̀dì. Ṣé ibẹ̀ ni àṣìṣe wà?*

Ó jọ pé ibẹ̀ gan-an ni. Àdín, kọ́sítíìkì àti owó àwọn tó ń po ọṣẹ kò lè ṣì yín lọ́nà, torí ẹ mọ ọṣẹ tó lo èyíkéyìí nínú wọn. Ófáhẹ́ẹ̀dì, ìyẹn dísù jẹnẹrétọ̀, àtúnṣe ẹ̀rọ, owó oṣù ẹni tó ń pààrọ̀ mọ́ọ̀dù àti ti ẹni tó ń gba ọ́dà, ni kò ní ọjà kan pàtó tí a lè kọ ọ́ sí.

Ẹ jẹ́ ká fi iye tó rọrùn ṣe é, kí ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ nígbà tó bá yá. Ófáhẹ́ẹ̀dì oṣù kan jẹ́ ₦6,000,000, wákàtí òṣìṣẹ́ jẹ́ 2,000, nítorí náà wákàtí kọ̀ọ̀kan ru ₦3,000. Ọṣẹ ìfọṣọ 40,000 gba wákàtí 1,600. Ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì 10,000 gba 400. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ₦120 ló bọ́ sórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ti ìfọṣọ àti ti òtẹ́ẹ̀lì bákan náà. Fún ẹni tó ń ṣe ọjà kan ṣoṣo, ọ̀nà yìí tó o, mi ò ní ní kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ọ́dà òtẹ́ẹ̀lì bá wọlé. Wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n á fọ ibi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ kí òórùn tàná má bàa wọ tòní, wọ́n á yọ mọ́ọ̀dù, wọ́n á fi èyí tó ní orúkọ òtẹ́ẹ̀lì sí i, ọṣẹ tó kọ́kọ́ jáde á sì dà nù. Ìbáà ṣe igba ọṣẹ ni wọ́n fẹ́, ìbáà ṣe ẹgbàá, iṣẹ́ kan náà ni.

Ohun tí ọ̀nà kejì, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní éè-bíì-síì, ń ṣe ni pé ó ń kó ìnáwó sínú àpò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó fà á, ó sì ń fi okùnfà àpò kọ̀ọ̀kan pín in. Àpò mẹ́ta tó fún yín. Àpò ẹ̀rọ ní ₦3,000,000. Wákàtí ẹ̀rọ ni okùnfà rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 300, wákàtí kan jẹ́ ₦10,000. Àpò ìpààrọ̀ mọ́ọ̀dù ní ₦1,800,000. Ẹ pààrọ̀ nígbà 30, ẹ̀ẹ̀kan jẹ́ ₦60,000. Àpò ọ́dà ní ₦1,200,000 fún ọ́dà 60, ọ̀kan jẹ́ ₦20,000.

Ọṣẹ ìfọṣọ lo wákàtí ẹ̀rọ 240, ìpààrọ̀ 5 péré àti ọ́dà 20: ₦3,100,000, ìyẹn ₦77.50 lórí ẹyọ kan. Ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì lo wákàtí ẹ̀rọ 60, ìpààrọ̀ 25 àti ọ́dà 40: ₦2,900,000, ₦290 lórí ẹyọ kan. Ófáhẹ́ẹ̀dì kò lé, kò sì dín. Ẹni tó ń rù ú ló yàtọ̀. Bí ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́ ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ ₦180, tí ẹ sì ń tà á ní ₦380, ìwé akáúńtáǹtì yín á ní ẹ jèrè ₦80. Àdánù ₦90 ni.

Ẹ má tìtorí èyí pa ọṣẹ òtẹ́ẹ̀lì tì lọ́la. Bí ẹ bá dá a dúró, kì í ṣe gbogbo ₦2,900,000 yẹn ló máa pòórá: ẹni tó ń pààrọ̀ mọ́ọ̀dù á ṣì gba owó oṣù, àyàfi bí ẹ bá rí iṣẹ́ mìíràn fún un tàbí tí ẹ dá a dúró. Ohun mìíràn tún wà. Bí òṣìṣẹ́ yẹn bá lè ṣe ìpààrọ̀ 40 lóṣù, tó sì jẹ́ pé 30 ló ṣe, 40 ni kí ẹ fi pín owó náà: ₦45,000 lẹ́ẹ̀kan. ₦450,000 tó ṣẹ́ kù jẹ́ owó agbára tí ẹ kò lò, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀, ẹ má gbé e ka ọṣẹ kankan. Bí ẹ bá gbé e kà á, ọjà á wọ́n, ọ́dà á dín, ìyókù á tún wọ́n sí i.

Ibi tí mo máa fọwọ́ bọ̀ ṣáájú ni iye tí ọ́dà kan kéré mọ. Pẹ̀lú ₦60,000 ìpààrọ̀ àti ₦20,000 ọ́dà, òtẹ́ẹ̀lì tó gba ọṣẹ 200 ti kó ₦400 lé ẹyọ kan kí ẹ tó ka àdín rárá. Èyí tó gba 2,000 kó ₦40. Ẹ bèèrè owó mọ́ọ̀dù lọ́tọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ra díẹ̀, tàbí kí ẹ ní ọ́dà kò gbọdọ̀ dín sí 2,000. Ní ti ìfọṣọ, tí ohun èlò àti owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ ₦230, ẹ lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí ₦330 kí ẹ sì ṣì jèrè ₦22.50 lórí ẹyọ kan.