Kí ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí sì ni èrè rẹ̀?

Ẹja ni mò ń tà ní Ẹ̀pẹ́. Kí ni wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gan-an, kí ni màá sì rí níbẹ̀ tí mo bá wọ̀ ọ́?

Ẹ má fi wé àjọ o. Alájọ á dá owó yín padà, á sì yọ tiẹ̀. Nínú alájẹṣẹ́kù, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ lẹ ni àpò: ẹ ń fi owó pamọ́ lóṣooṣù, ẹ sì ń yá ara yín.

Owó yíyá yìí ló ń fa ọ̀pọ̀ èèyàn wọlé. Ká ní ₦10,000 lẹ ń san lóṣù. Lẹ́yìn oṣù 6, ₦60,000 ló wà nínú ìwé yín. Ẹgbẹ́ tó bá ń yáni ní ìlọ́po méjì á fún yín ní ₦120,000, ẹ sì lè fi kún owó fírísà. Tí èlé bá jẹ́ ₦5 lórí ₦100, ₦126,000 lẹ máa dá padà, ìyẹn ₦10,500 lóṣù fún ọdún kan. Ẹ ò gbọdọ̀ dáwọ́ owó ìfipamọ́ oṣooṣù yín dúró ní gbogbo àkókò yẹn. Lópin ọdún, ara èlé yìí ni wọ́n ti ń pín èrè fún gbogbo ẹgbẹ́.

Ibi tó ti ń korò ni ti onídùúró. Bí ayáwó bá sá lọ, inú owó àwọn tó dúró fún un ni wọ́n á ti yọ ọ́. Mo dúró fún ẹnì kan rí. Owó ilé-ìwé ọmọ mi ló bá a lọ.