Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ fún bàbá ẹni ọdún 72 tó ń lọ Hájì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá wa ti pé ẹni ọdún 72, ará Ṣàárẹ́ ni wá, a sì ti san owó Hájì fún wọn. Wọ́n ní kí wọ́n mú yẹ́lò káàdì wá. Ní 2017 tí wọ́n gún gbogbo ilé wa ní abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, wọ́n ní ọjọ́ orí Bàbá ti kọjá, wọn ò gún wọn. Ní báyìí, ẹnì kan ní abẹ́rẹ́ náà máa ń ṣe àgbàlagbà ní jàǹbá. Ẹlòmíràn ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ká ṣáà ti gbà á bó bá ku ọjọ́ 10 tí wọn máa gbéra. Kí ló yí padà lára àgbàlagbà tí ọ̀rọ̀ tiwọn fi yàtọ̀? Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ tú àpótí Bàbá wò. Bí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ yìí rí, bóyá nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ tàbí nígbà tí wọ́n ń ṣòwò lọ sí Gánà, tí káàdì rẹ̀ sì wà, ọ̀rọ̀ ti parí. Láti oṣù Keje ọdún 2016 ni òfin ìlera àgbáyé ti sọ pé káàdì náà wúlò títí ọjọ́ ayé ẹni tó ni ín, kódà bó bá jẹ́ ọdún 10 ni wọ́n kọ sí i lára. Wọn ò nílò òmíràn. Jàǹbá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn, abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń bá wá ní gbogbo ìgbà.

Bí wọn ò bá gbà á rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe òkú, ààyè ni. Wọ́n ti sọ ọ́ di aláìlágbára nínú ilé ìwádìí láti nǹkan bí ọdún 1937, àmọ́ ó ṣì lè bí sí i nínú ara, bó sì ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Bó bá wọ ara ọ̀dọ́, yóò bí sí i fún ọjọ́ mélòó kan, ara yóò rí i, yóò pèsè èròjà tó máa pa á run, èròjà yẹn ló sì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń dènà àrùn náà. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí bí ara bá ṣe tètè dáhùn tó.

Ara àgbàlagbà kì í tètè dáhùn sí ohun tí kò rí rí. Lára ohun tó fà á, ẹ̀yà ara kékeré kan wà lẹ́yìn egungun igbá àyà, lókè ọkàn, tí wọ́n ń pè ní táímọ́ọ̀sì. Ẹ fojú ilé kéú wò ó. Inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n ti ń bí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tó ń gbèjà ara, àwọn tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì T, táímọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń rán wọn lọ láti lọ gba ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán wọn wò, bóyá wọ́n mọ àlejò yàtọ̀ sí ará ilé. Èyí tó bá fẹ́ kọlu ara ẹni tó ni ín, kò ní jáde. Ìwọ̀nba tó yege ló ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, oríṣiríṣi ni wọ́n sì jẹ́, kálukú pẹ̀lú ohun tó lè dá mọ̀, títí kan àrùn tí onítọ̀hún kò tíì kó rí.

Láti ìgbà tí ọmọ bá ti bàlágà ni táímọ́ọ̀sì ti ń sún kì, tí ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí èèyàn bá fi máa tó ẹni 70, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rá tán, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó ń ti ibẹ̀ jáde kò tó nǹkan mọ́. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì bá àrùn kankan pàdé, tó yẹ kó dá àlejò mọ̀, wọ́n á dín kù, oríṣi wọn náà á dín kù. Èyí tó máa pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni àwọn tó ti mọ àrùn àtijọ́. Àwọn wọ̀nyí wúlò gan-an, torí àrùn tí Bàbá ti kó ní kékeré, ara wọn ṣì lè rántí rẹ̀ kó sì dojú kọ ọ́. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ yìí rí, tí kò sì kó ibà náà rí, fáírọ́ọ̀sì inú rẹ̀ ṣàjèjì sí i pátápátá.

Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nẹ́dálándì, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, fi èyí hàn kedere. Wọ́n gún ọ̀dọ́ 30 àti àgbàlagbà 28 tí ọjọ́ orí wọn ti tó 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ní ọjọ́ kẹwàá, ọ̀dọ́ 23 ti ní èròjà tó tó láti dènà àrùn náà. Nínú àwọn àgbà, 14 péré ni, ìdajì wọn. Fáírọ́ọ̀sì abẹ́rẹ́ náà sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn àgbà púpọ̀ ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ 28, àwọn àgbà ti bá wọn. Ara wọn dáhùn, ó kàn pẹ́ ni.

Pípẹ́ yẹn gan-an ni ewu tí ẹnì kìíní ń sọ. Ní ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, kí ara tó rí fáírọ́ọ̀sì náà mú, á ti bí ju bó ṣe yẹ lọ, á sì wọ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín bí ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ gidi. Nínú 100,000 ẹni tó ti lé ní 70 tó gba abẹ́rẹ́ yìí, nǹkan bí 2 tàbí 3 ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Iye yẹn kéré, àmọ́ ó ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, ó sì ń pa nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá mú. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ ẹni tó ti lé ní 60 yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò ńlá bíi ti 2017, tí wọ́n ṣe fún ọmọ oṣù 9 títí dé ẹni ọdún 45, tí èrò tò lọ súà, kò ní àyè irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀.

Ní tèmi, bí Bàbá bá le koko, mo fara mọ́ ọn pé kí wọ́n gbà á, kì í sì í ṣe nítorí Hájì nìkan. Òkè-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn yín níbẹ̀, ni wọ́n ti rí ibà yìí lára ọmọbìnrin ọdún 7 kan ní 2017. Ẹ̀fọn tó ń gbé e kiri kò béèrè ọjọ́ orí, ara tó bá sì lọ́ra láti dáhùn sí abẹ́rẹ́ yóò lọ́ra sí àrùn gidi náà.

Àmọ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, kí ẹ sì kó gbogbo oògùn tí wọ́n ń lò dání, títí kan èyí tí wọ́n rà lọ́jà. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ń lo oògùn oríkèé ríro láìmọ̀ pé sítẹ́rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀, sítẹ́rọ́ọ̀dù sì ń tẹ agbára ara láti gbèjà ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń lò ó lọ́pọ̀, ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ẹni tí HIV ti mú ara rẹ̀ rẹ̀yìn gan-an, ẹni tí wọ́n ti yọ táímọ́ọ̀sì rẹ̀ tàbí tó ní àìsàn níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ sọ bí ara wọn bá máa ń wú bí wọ́n bá jẹ ẹyin adìyẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ súgà tí wọ́n ń tọ́jú dáadáa kò dí i lọ́wọ́. Bí dókítà bá ní kí wọ́n má gbà á, ojú ìwé kan wà nínú yẹ́lò káàdì náà fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀, kó buwọ́ lù ú, kó sì lu òǹtẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń lọ ló máa pinnu bóyá yóò gbà á, nítorí náà ẹ fi han àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò ní kíákíá. Ẹ má ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́.

Ní ti ọjọ́ 10 tí ẹnì kejì sọ, òótọ́ ni pé ọjọ́ kẹwàá ni káàdì máa ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfurufú á sì gbà á. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 10 yẹn náà ni jàǹbá máa ń yọjú bó bá fẹ́ wáyé, nílé ló sì yẹ kó bá Bàbá, kì í ṣe bí wọ́n bá ń múra àtigbéra. Ká ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún ni wọ́n máa gbéra. Kí wọ́n rí dókítà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ náà ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin. Ọjọ́ 28 á pé ní ọjọ́ 8 oṣù Karùn-ún, á sì ku ọjọ́ 12 kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Kí wọ́n tó gbà á, ẹ ra tẹmómítà, kí ẹ wọn ara wọn ní òwúrọ̀ mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibà kì í gbóná lára àgbàlagbà bó ṣe ń gbóná lára ọmọdé, nítorí bí ara ṣe lọ́ra láti pèsè èròjà náà ló ṣe ń lọ́ra láti gbóná. Bí ara wọn bá máa ń jẹ́ 36.2 lójoojúmọ́, tó wá di 37.3, ibà nìyẹn, bí ọwọ́ ò tilẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ máa wọ̀n ọ́n fún ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Orí fífọ́ díẹ̀ tàbí ara ríro kì í ṣe nǹkan. Èébì, ojú tó ń pọ́n bí epo, ìtọ̀ tó dín kù, ẹ̀jẹ̀ lẹ́rìgì tàbí kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tó wà, ìwọ̀nyí ni kí ẹ gbé wọn sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ fi káàdì han dókítà, torí ẹni tí kò mọ̀ pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ lè tọ́jú rẹ̀ bí ibà lásán, kí ọjọ́ sì lọ.

Abẹ́rẹ́ yírùnyírùn tí Sáúdí náà ń béèrè kò ní ohun ààyè nínú, kò lè bí nínú ara. Ara àgbà lè má dáhùn sí i tó ti ọ̀dọ́, nítorí náà kí wọ́n gbà á lọ́jọ́ kan náà, ní apá kejì, kí ó lè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti ṣiṣẹ́. Ti ọ̀fìnkìn líle tí wọ́n ń pè ní fúlùú náà dára fún wọn. Oríṣi kan wà tí wọ́n ṣe fún ẹni tó ti tó 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí èròjà inú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀, torí pé ìwọ̀n tó ń ta ọ̀dọ́ jí kì í fi bẹ́ẹ̀ ta àgbà jí. Bí ẹ bá rí i, òun ni kí ẹ gbà fún wọn. Bí ẹ kò bá rí i, kí wọ́n gba èyí tó wà, kí ẹni tó máa bá wọn sun inú àgọ́ kan náà ní Mínà sì gbà á pẹ̀lú, torí ara tirẹ̀ á dáhùn dáadáa, kò sì ní tètè kó o ràn wọ́n.