Nínú ìpàdé wákàtí kan ààbọ̀, èwo ni iṣẹ́ tí ẹnì kan gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó kan níbí ní Iléṣà. Gbogbo Mọ́ńdè la máa ń ṣèpàdé lórí Súùmù, ó sì máa ń tó wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀rọ ló ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, èmi á wá tún ti Yorùbá inú rẹ̀ tẹ̀. Tí mo bá wá kó iṣẹ́ jáde nínú rẹ̀, àwọn èèyàn á ní àwọn ò gba iṣẹ́ tí mo kọ orúkọ wọn sí, tàbí pé ọjọ́ tí mo kọ kọ́ nìyẹn. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Ìpàdé tó gùn tó bẹ́ẹ̀ á fún yín ní ọ̀rọ̀ tó tó nǹkan bí 12,000, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe máa fò ó kọjá: ẹ ní láti kà á tán lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé ló máa ń tẹ Ctrl+F, tí wọ́n á wá "Friday" tàbí "jowo", tí wọ́n á sì kó ohun tó bá jáde. Ẹ jẹ́ kíyẹn dúró ná, ó ní ìgbà tirẹ̀. Bí ẹ ṣe ń kà á, gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ohun tó jọ iṣẹ́, ẹ kọ aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu. Ẹ má tíì tún un sọ lọ́rọ̀ ara yín, ẹ má sì tíì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí, èmi ni mo ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ó rí i pé ó jọ tiyín. Ká ní Mọ́ńdè 1 oṣù kẹfà ni ìpàdé náà.

```
00:14:20 Ofiisi Ilesa: A gbodo ko awon apo yen lo si Osu ki ose yii to pari.
00:14:31 Galaxy A14: N o ba dereba soro.
00:52:07 Alaga: Oro apo yen, e je ka sun un si oni ojo mejo. Oko wa lodo mekaniiki.
00:52:15 Galaxy A14: O daa, sa.
01:18:40 Ofiisi Ilesa: Akapo a fun won lowo epo.
```

Akọ̀wé tó ń kánjú á kọ pé: "Galaxy A14, kó àpò lọ sí Òṣú, Fúráídè." Kò sí ohun kan tó tọ̀nà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹni tó sọ̀rọ̀. Galaxy A14 kì í ṣe orúkọ èèyàn. Fóònù ló fi ara rẹ̀ hàn bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹni tó ni ín kò yí orúkọ náà padà kó tó wọlé. "Ofiisi Ilesa" tún burú jù ú lọ, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èèyàn mẹ́ta ló jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Ẹ tẹ́tí sí ohùn náà níbi aago yẹn gan-an. Tẹ́ ò bá sì dá ohùn mọ̀, ẹ lọ síbi tí ẹlòmíràn ti dá a lóhùn, torí wọ́n sábà máa ń dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ká gbà pé ọ̀gá tó ń mójú tó ọkọ̀ ló ni Galaxy A14.

Ó ku ohun tó sọ. Láìsí àmì ohùn, "N o ba dereba soro" lè jẹ́ "N ó bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀", ó sì lè jẹ́ "N ò bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀". Ọ̀kan gba iṣẹ́, èkejì ní òun ò tíì ṣe nǹkan kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n bébà kò gbọ́ nǹkan. Nítorí náà, gbogbo "n o" tó bá kan iṣẹ́, ẹ padà sínú ohùn, kí ẹ fi àmì sí i lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo iye owó àti orúkọ ìlú: ẹ̀rọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè sọ Òṣú di "also", ó sì lè gbọ́ 15 kó kọ 50.

Ká ní "n ó" ló sọ lóòótọ́. Kí ló wá gbà? Ó gbà láti bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Kò gbà láti kó àpò. "A gbọ́dọ̀ kó o" tí wọ́n sọ níṣàájú kò ní ẹni tó ni ín. Ẹni tó ń sọ "a" kò tíì yan ẹnikẹ́ni. Ibí yìí gan-an ni ìjà tí ẹ ń sọ ti ń bẹ̀rẹ̀, torí akọ̀wé á mú ẹni tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù lọ, á sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ẹ fi àyè yẹn sílẹ̀ lófìfo. Iṣẹ́ tí kò ní ẹni tó gbà á jẹ́ ìròyìn tí alága nílò láti mọ̀.

Ìgbà yìí ni Ctrl+F wúlò. Ẹ wá "apo" láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó tún jáde ní 52:07, níbi tí ọjọ́ ti yí padà. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ló ń borí, kì í ṣe àkọ́kọ́. Òní ọjọ́ mẹ́jọ sì ni Mọ́ńdè 8 oṣù kẹfà, bí ọmọ tí a bí ní Mọ́ńdè ṣe ń jẹ orúkọ ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fi mẹ́jọ kún ọ̀kan, bí àwọn òyìnbó ṣe ń ka ọjọ́, á kọ 9. Ẹ máa kọ déètì gan-an, torí "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" kò ní ìtumọ̀ mọ́ fún ẹni tó bá ka ìwé yín ní Wẹ́sìdeè ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "Ó dáa, sà" yẹn. Láàárín wa, ọmọdé kì í wo ojú alága kó ní òun ò lè ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ ni, kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Mi ò ní kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó gba iṣẹ́ àfi tó bá dárúkọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ní ti akápò, kò sí lórí ìpàdé. Ẹnì kan ló bá a gba iṣẹ́ sọ́rùn, nítorí náà ìbéèrè ló jẹ́, kò tíì di iṣẹ́.

Ohun tó yẹ kó jáde nínú ìlà márùn-ún yẹn rèé:

Bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀: ọ̀gá ọkọ̀, ọjọ́, kò sọ (14:31).
Kó àpò lọ sí Òṣú: kò sí ẹni tó gbà á, 8 oṣù kẹfà (14:20, 52:07).
Owó epo: ká béèrè lọ́wọ́ akápò, ọjọ́, kò sí (1:18:40).

Ẹ fi ránṣẹ́ ní Mọ́ńdè yẹn náà, kí ọ̀rọ̀ tó tutù. Fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ lórí Wọ́sáàpù kó tó wọ gbàgede ẹgbẹ́. Irú èyí ló dáa: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní 14:31 ẹ ní ẹ ó bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ wo ni kí n kọ sí i? Alága ti sún kíkó àpò sí Mọ́ńdè 8, kò sì tíì sí ẹni tó gbà á. Ṣé ẹ̀yin náà ni, àbí kí n padà bi alága?" Tó bá fèsì pé kì í ṣe òun, ẹ jẹ́ kí àyè yẹn ṣófo, kí ó jẹ́ iṣẹ́ yẹn ni alága á kọ́kọ́ dárúkọ ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀.