Ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n apá wo lójú?

Ìbéèrè: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú fọ́tò ilé wa kan tí wọ́n yà ní Ṣágámù nígbà kan, ìyá àgbà jókòó, wọn ò rẹ́rìn-ín, wọ́n tejú mọ́ kámẹ́rà. Ìyàwó tuntun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbójú sílẹ̀. Ṣé inú ń bí ìyá ni? Ṣé ẹ̀rù ń ba ìyàwó?

Ìdáhùn: Mo ti wo fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ dáadáa. Inú ò bí ìyá. Ara ìyàwó ni kò balẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú tó gbé sílẹ̀ ni mo fi mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló tú àṣírí.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni òwe yẹn. Bí ẹnu bá ń sọ̀rọ̀, ojú a máa sọ ìyókù, ẹni tó ń gbọ́ a sì máa wò ó bó ṣe ń yí padà. Inú fọ́tò, ojú ò yí padà mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á kọ́kọ́ yọ ohun tó jẹ́ ìwà ọmọlúàbí kúrò nínú ohun tó jẹ́ ti ọkàn. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, ọmọ kì í ranjú mọ́ àgbà, ìyàwó tuntun tó sì dúró ti ìyá ọkọ kò ní gbójú sókè bíi pé òun àti ìyá jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Bó tilẹ̀ ń dunnú, ilẹ̀ ni ojú rẹ̀ máa wà. Ìkúnlẹ̀ ni, àfi pé ojú ló kúnlẹ̀.

Àìrẹ́rìn-ín ìyá náà nídìí. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá wá sí sítúdíò ti wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé fọ́tò yẹn ni wọ́n máa gbé kọ́ sí pálọ̀, òun náà ni wọ́n lè gbé jáde lọ́jọ́ òkú rẹ̀. Ta ló fẹ́ ṣí eyín níbẹ̀? Ọ̀gá mi á ní kí oníbàárà kọjú sí kámẹ́rà, kó gbé ọwọ́ lé orúnkún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì hàn, lẹ́yìn náà: "Ẹ má ṣẹ́jú o!"

Ẹ wá wo ohun tí ọ̀gá ò lè pa láṣẹ. Ìpéǹpéjú ìyá rọra bo òkè dúdú ojú wọn díẹ̀, funfun kankan ò hàn lókè rẹ̀. Iwájú orí wọn tẹ́jú. Ká ní inú ń bí wọn ni, irun òkè ojú méjèèjì ì bá ti fà sún mọ́ ara wọn, ilà a sì wà láàárín wọn. Ètè ì bá ti fún pọ̀ di tín-ín-rín. Ètè tiwọn kàn pàdé ni, ó nípọn bó ṣe yẹ. Ìka wọn tú ká lórí orúnkún. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fi bébà bo orí ìyàwó, kí ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ó ti ki àtàńpàkò ọ̀tún bọ inú ìkúùkù òsì, ó sì dì í mú. Ẹ wá bo ọwọ́, kí ẹ wo òkè: ó ká ètè sínú, èjìká rẹ̀ sì ti gòkè débi pé ọrùn kúrú. Òkè àti ìsàlẹ̀ ń sọ ohun kan náà. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, èmi kì í sọ nǹkan kan.

Àwọn nǹkan kan wà tó máa ń tan ènìyàn jẹ. Oòrùn ọ̀sán lè mú kí gbogbo ẹgbẹ́ fajú ro lójú ìta gbangba Ojúde Ọba, láìsí ìjà. Ẹ wo òjìji abẹ́ imú: bó bá dúdú dáadáa, oòrùn lẹ máa dá lẹ́bi. Ibi tí kámẹ́rà wà náà tún ń ṣiṣẹ́. Ní 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin níbi ọdún Ojúde Ọba gba ìgboro, gíláàsì dúdú bo ojú rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ènìyàn ní ọkàn ọkùnrin yìí balẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ ni wọ́n kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ẹṣin, ìsàlẹ̀ la ti ń yà á, àgbọ̀n ẹnikẹ́ni tí a bá sì yà láti ìsàlẹ̀ a máa dà bí ti ọba.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò yín, ẹ má kọ pé ẹ̀rù ń ba ìyàwó. Ẹ kọ pé ó ká ètè sínú, ó di àtàńpàkò mú, ó jọ pé ara rẹ̀ ò balẹ̀. Ohun tó fà á ò sí nínú fọ́tò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fáwọn ènìyàn pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bẹ̀rù ilé ọkọ nínú fọ́tò ìgbéyàwó wọn, nítorí bí èjìká wọn ṣe sún sókè. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Bàtà àyálò ni wọ́n wọ̀, ó sì ń fún wọn lẹ́sẹ̀.