Lá àti ná: àkọtọ́ ló ń dani láàmú

"Ẹ jọ̀ọ́, 'lá' àti 'ná' kò ní ìtumọ̀ kan náà. Báwo ni [l] àti [n] ṣe wá jẹ́ ẹ̀dà fóníìmù kan ṣoṣo?"

Àkọtọ́ ló tàn yín jẹ. Bí a ṣe ń pè wọ́n ni kí ẹ kọ: [lá], [nã́]. Fáwẹ̀lì wọn náà yàtọ̀: ti 'ná' jẹ́ àránmúpè, imú ni a ń gbà pè é, torí náà kì í ṣe [l] àti [n] nìkan ló pín wọn níyà.

Ẹ wá to ọ̀rọ̀ díẹ̀, kí ẹ sì wo fáwẹ̀lì tó tẹ̀lé ìró náà:

[l]: ilé, ìlú, ọ̀la, lílọ
[n]: iná [inã́], inú [inṹ], ní [nĩ́]

Fáwẹ̀lì àránmúpè nìkan ni [n] ń ṣáájú. Àwọn àìránmúpè ni [l] ń ṣáájú. Ibi tí ọ̀kan bá wà, èkejì kì í dé ibẹ̀.

Àìpàdé yìí nìkan kò tó láti fi sọ pé ẹ̀dà fóníìmù kan ni wọ́n o. Ìró méjì tí kò jọra rárá lè ṣèèṣì má pàdé. Erìgì ni a ti ń pe méjèèjì yìí, wọ́n sì jẹ́ akùnyùn. Èyí tó wá dá mi lójú jù ni pé "ní" fúnra rẹ̀ ń yí padà: ní + owó di lówó, ní + ọjà di lọ́jà, ṣùgbọ́n ní + ilé ṣì jẹ́ nílé, nítorí pé [ĩ] dúró síbẹ̀.

Ẹ yọ ọ̀rọ̀ àyálò bíi "nọ́ọ̀sì" sọ́tọ̀. Òun kò tẹ̀lé òfin yìí.