Ìrẹsì 50 nínú ínfóísì, 47 nínú ìwé sítóò

“Ẹ okun o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kàbà ni mo ti ń rí sí owó. Ínfóísì ìrẹsì ní àpò 50, ìwé sítóò ní 47. Ọ̀gá ní kí n san án bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n san?”

Okun o, àbúrò. Má san án. Àpò 47 tó wọ sítóò ni kó o san, ní iye tó wà nínú ìwé ọ́dà. Ká ní ọ́dà yín jẹ́ àpò 80 ní ₦60,000 lórí àpò kan, owó lọ́rì yìí jẹ́ ₦2,820,000, kì í ṣe ₦3,000,000. Ní ti ₦180,000 tó kù, kí ẹni tó ta ọjà kọ ìwé ìdínkù owó wá, tàbí kó gbé àpò 3 mìíràn wá. Má fi bírò pa 50 rẹ́ lórí ínfóísì rẹ̀ o. Ìwé tiẹ̀ ni, òun ló gbọ́dọ̀ tún un ṣe.

Kéèyàn yẹ nọ́ńbà ọ́dà, orúkọ àti ìṣirò wò lórí ínfóísì, ìyẹn o ti mọ̀.

Ibi tó máa ń dun èèyàn ni ìwé sítóò fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn, inú wébìlì ẹni tó ta ọjà ni wọ́n ti dà á kọ. Dírẹ́bà na wébìlì, sítókípà rí 50, ó kọ 50, ó fọwọ́ sí i. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ́dà, ínfóísì àti ìwé sítóò, á bára mu rẹ́gí, àpò 3 ò sì ní sí nílẹ̀, torí ọwọ́ ẹni tó ń tajà ni méjì nínú iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá. Ẹ̀dà ọ́dà tó bá ń lọ sí sítóò, ẹ má kọ iye àpò sí i. Kí sítókípà ka àpò bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kó kọ tiẹ̀ sílẹ̀, kó tó gba wébìlì. Kó wo ẹnu àpò náà: òwú ẹ̀rọ máa ń lọ gbọọrọ, èyí tí wọ́n tú tí wọ́n fọwọ́ rán padà máa ń wọ́, ihò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ á sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé irú rẹ̀ sórí ìwọ̀n. Àpò 50kg tó bá wọn 46kg, 46kg ni kẹ́ ẹ kọ.

Ọ̀pọ̀ ọ́dítọ̀ ò ní bi yín léyìí. Wọ́n á ka ọwọ́ mẹ́ta tó fọwọ́ sí i, wọ́n á wo òǹtẹ̀, wọ́n á máa lọ. Inú máa ń bí mi sí i gan-an.

Ẹ ṣọ́ lọ́rì kejì tó máa kó ìyókù wá náà. Kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ọ́dà lónìí: “47 wọlé, 33 kù.” Bí wọ́n bá já 36, àpò 3 ti kọjá ohun tẹ́ ẹ béèrè. Bí ínfóísì bá wá di ₦62,000 lórí àpò kan, ₦66,000 ni wọ́n fi kún àpò 33. Ẹni tó buwọ́ lu ọ́dà ló lè yí iye padà, kó sì ṣe é kí lọ́rì tó dé, kì í ṣe lẹ́yìn tí ínfóísì ti wà nílẹ̀.

Bí nọ́ńbà àkáǹtì tuntun bá sì wà lórí ínfóísì, nọ́ńbà fóònù tó ti wà nínú fáìlì yín tẹ́lẹ̀ ni kó o pè, má pe èyí tó wà lórí ínfóísì yẹn.